Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ: Bí A Ṣe Ń To Ìwé Sórí Pẹpẹ

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá àwọn olùkọ́ tó ń bójú tó ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ sọ ní Adó-Èkìtì. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́ síbí. Ibi tí mo ti ń wúkọ́ nìkan ni mo yọ kúrò.

Alága ìjókòó wa, mo kí yín. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwé títò, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ tí wọ́n ṣàdédé fi kọ́kọ́rọ́ ilé-ìkàwé lé lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, tí wọ́n ní "ẹ̀yin ni kí ẹ máa bójú tó ibẹ̀", tí wọn ò sì sọ ohunkóhun mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yin gan-an ni mo torí ẹ̀ wá. Ẹ̀yin àgùnbánirọ̀ tí ẹ jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ káàbọ̀ sọ́dọ̀ wa. Èkìtì kete!

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan lórí ilé-ìkàwé. Mo ní rárá, ọ̀rọ̀ ilé-ìkàwé pọ̀ ju wákàtí kan lọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo mú wá lónìí: bí a ti ń fi ìsọ̀rí to ìwé ná, tí a wá ń fi orúkọ ìdílé òǹkọ̀wé tò ó tẹ̀ lé e. Ẹ lè máa rò ó pé kí ló wá le nínú ìyẹn. Ẹ fara balẹ̀. Nígbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ orúkọ àwa Yorùbá, ẹ ó rí i.

Ìsọ̀ ni à ń wá kí á tó wá ẹni

Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́jà ná. Bí ẹ bá fẹ́ ra iṣu lọ́wọ́ Ìyá Àìná ní Ọjà Ọba, kí lẹ máa kọ́kọ́ wá? Ṣé Ìyá Àìná ni, àbí ìsọ̀ oníṣu? *(Àwọn ènìyàn dáhùn pé ìsọ̀ oníṣu ni.)* Ìsọ̀ oníṣu ni. Ìgbà tí ẹ bá dé ìsọ̀ oníṣu lẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè Ìyá Àìná. Ẹni tó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà ọjà tó ń ké "Ìyá Àìná o!", Ìyá Àìná aláṣọ á dáhùn, Ìyá Àìná aláta á dáhùn, tọlọ́ṣẹ náà á yọjú. Ẹsẹ̀ oníbàárà á sì ti wú kó tó kan iṣu.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìsọ̀rí ni ilé. Orúkọ òǹkọ̀wé tẹ̀ lé e.

Mo mọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n gbọ́ pé àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀, ni ọ̀gá bá ní kí wọ́n tún ilé-ìkàwé ṣe kó fani mọ́ra. Àwọn ọmọ fi gíga to ìwé, wọ́n tún fi àwọ̀ tò ó, pupa níbí, àwọ̀ ewé lọ́hùn-ún. Ẹ ò bá rí i! Ó dára bí aṣọ ẹbí. Àwọn alábẹ̀wò yìn wọ́n. Wọ́n lọ tán ni ọmọ kan ní ìwé kejì àgbà wá béèrè ìwé lórí ìrẹsì gbígbìn, nítorí iṣẹ́ tí olùkọ́ rẹ̀ fún un. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wá a. Wọ́n bá a láàárín àwọn ìwé Bíbélì nítorí pé àwọn náà dúdú.

Olùkọ́ tó ń bójú tó ibẹ̀ wá ní òun ti gbọ́n. Ó kó gbogbo ìwé, ó fi orúkọ òǹkọ̀wé tò wọ́n láti A dé Z, ilé-ìkàwé lódindi. Ìgbà tí mo débẹ̀, ìwé ìṣirò tí Adéyẹmí kan kọ ń fara kan ìwé ewì tí Adéyẹmí mìíràn kọ. Ẹni tó bá mọ orúkọ òǹkọ̀wé á rí ìwé rẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń wá sí ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ tó mọ orúkọ òǹkọ̀wé? Ọmọ á ní, "Mà, mo fẹ́ ìwé lórí kòkó." Ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ mọ́kànlá ni wọ́n ní, ibi mẹ́sàn-án ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo sì ti bá wọn. Ìdí nìyẹn tí ìsọ̀rí fi ń ṣáájú. Ẹni tó wá ìwé kan á bá àwọn ìbátan rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí kan èyí tí kò mọ̀ pé ó wà.

Bí ilé ṣe ń wọ inú ilé

Nọ́ńbà tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa ń lò ni ti Melvil Dewey, ará Amẹ́ríkà, tó tẹ ètò náà jáde ní 1876. Ó pín ìmọ̀ sí ìsọ̀rí mẹ́wàá, láti 000 dé 900. N kò ní ka gbogbo rẹ̀ lónìí, ẹ lè kọ ọ́ mọ́ ògiri. 600 nìkan ni mo fẹ́ kí a wọ̀, nítorí ọmọ àgbẹ̀ ni gbogbo wa.

600 ni iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi ìmọ̀ ṣe: ìṣègùn, iṣẹ́ ẹ̀rọ, àgbẹ̀, oúnjẹ sísè. Ẹ wọ inú rẹ̀, ẹ ó bá 630, iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹ tún wọlé, ẹ ó bá 633, irè tí a ń gbìn káàkiri oko. Ẹ tún wọlé, 633.1 ni àwọn ọkà oníhóró. Nínú wọn, 633.15 ni àgbàdo, 633.18 sì ni ìrẹsì. Ẹ̀yin ará Ìgbẹ́mọ, ẹ̀yin tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìrẹsì, nọ́ńbà yín nìyẹn o, ẹ má gbàgbé ẹ̀. Ẹ̀gẹ́ wà ní 633.682. Kòkó wà ní 633.74, ó fara kan kọfí tó wà ní 633.73.

Ṣé ẹ rí i pé bí nọ́ńbà ṣe ń gùn sí i ni ọ̀rọ̀ ń sún mọ́ ohun kan pàtó? Agboolé, ilé, yàrá, igun yàrá. Bẹ́ẹ̀ náà ni.

A máa ń kọ nọ́ńbà yìí sórí lébẹ́ẹ̀lì kékeré, a ó kọ lẹ́tà orúkọ ìdílé òǹkọ̀wé sábẹ́ rẹ̀, a ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìwé, ibi tí a ti di àwọn ewé rẹ̀ pọ̀. Ká ní Ògúnlẹ́yẹ kan ló kọ ìwé ìrẹsì, yóò rí báyìí:

```
633.18
OGU
```

Ẹ fi rúlà wọn ibi tí ẹ óò lẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí ẹ bá fi ìka méjì sílẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ìwé, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ lára gbogbo ìwé, kí ojú lè máa sáré lórí ìlà kan ṣoṣo. Kí ẹ sì fi pẹ́ńsùlù kọ ọ̀rọ̀ kan náà sẹ́yìn ojú ewé tí àkọlé wà, nítorí lébẹ́ẹ̀lì ń já. Pẹ́ńsùlù ni mo sọ, mi ò sọ bírò. Èrò ènìyàn máa ń yí lórí ìsọ̀rí ìwé.

Pọ́ìntì tó ń da gbogbo ayé láàmú

Àṣìṣe tí mo ti rí jù láti ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹyọ kan ni. Bí mo bá wọ ilé-ìkàwé, n kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo kàn ń lọ tààrà síbi nọ́ńbà oní-pọ́ìntì láti wò ó.

Mo bi yín. Ìwé kan jẹ́ 633.15, èkejì jẹ́ 633.2, ìyẹn ìwé koríko tí a ń gbìn fún ẹran ọ̀sìn. Èwo ló máa ṣáájú lọ́wọ́ òsì? *(Àwọn kan ní 633.2, àwọn kan ní 633.15, ariwo sọ.)* Ẹ gbọ́ ariwo yẹn! Ariwo yẹn náà ló wà lórí àwọn pẹpẹ yín.

Ẹni tó ní 633.2 ń ronú pé méjì kéré sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìrònú yẹn kò burú bí ewúrẹ́ là ń kà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn pọ́ìntì kì í ṣe ewúrẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá kọ́bọ̀ láyé, ẹ rántí. Náírà ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n pẹ̀lú kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àti náírà kan náà pẹ̀lú ogún kọ́bọ̀, èwo ló pọ̀? Ogún kọ́bọ̀ ni. 633.2, ogún kọ́bọ̀ ni. Wọn ò kàn kọ òdo rẹ̀ síbẹ̀ ni. Nítorí náà 633.15 ló ṣáájú, 633.18 tẹ̀ lé e, kí 633.2 tó dé.

Bí lẹ́yìn pọ́ìntì bá gùn ju ara wọn lọ, ẹ fi òdo bu èyí tó kúrú nínú ọkàn yín títí tí wọn yóò fi dọ́gba. Ẹ̀gẹ́ ni 633.682, kòkó ni 633.74. Ọmọ tó ń ka ewúrẹ́ á ní ọgọ́rùn-ún mẹ́fà ó lé méjìlélọ́gọ́rin ju mẹ́rìnléláàádọ́rin lọ, á gbé kòkó ṣáájú ẹ̀gẹ́. Ẹ bu òdo sí kòkó, ó di 740. 682 ṣáájú 740, ọ̀rọ̀ parí. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Lórí pẹpẹ wa ńkọ́, ohun yòówù kó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, bó gùn dé ìta, kò lè ju èje lọ láéláé. *(Ẹ̀rín.)*

Èyí tí kò sì ní nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ rárá, òun ni olórí ìlà. 633 lásán, ìwé tó sọ̀rọ̀ lórí gbogbo irè oko pọ̀, òun ló ń ṣáájú 633.1 àti ẹnikẹ́ni tó bá tẹ̀ lé e. Àgbà ilé ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Ọwọ́ òsì ni ìlà ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Bí ó bá dé òpin pákó kan, ó ń sọ̀kalẹ̀ sí pákó tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, títí pẹpẹ yẹn á fi tán, kó tó kọjá sí pẹpẹ kejì. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti jẹ́ kí pákó òkè lọ láti ògiri dé ògiri kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀. Ọmọ tó ń wá ìwé á máa rìn lọ rìn bọ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́dẹ. Ẹ sì má kún pákó dẹ́nu. Ẹ fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí ìwé àgbàdo tuntun bá dé, ẹ ó ṣí gbogbo ilé nípò.

Ta ni bàbá, ta ni ọmọ?

Ó wá kan orúkọ. Ìwé márùn-ún lè jẹ́ 633.18. Wọ́n ti jọ dé ilé kan náà, orúkọ ìdílé òǹkọ̀wé ni yóò wá sọ ẹni tó ń jókòó ṣáájú. Adéyẹmí, lẹ́yìn náà Fáṣọlá, lẹ́yìn náà Ògúnlẹ́yẹ. Ó rọrùn, àbí?

Ìṣòro rẹ̀ ni pé àwọn tó ṣe òfin yìí ń gbé níbi tí orúkọ àbísọ kì í fi bẹ́ẹ̀ jọ orúkọ ìdílé. Lọ́dọ̀ wa, orúkọ tí bàbá fi ń jẹ́ orúkọ ìdílé, ọmọ ẹlòmíràn ń jẹ́ ẹ ní àbísọ. Ẹ wo Adébáyọ̀ Fálétí. Ẹni tí kò mọ bàbá náà, tó rí Adébáyọ̀, á ní orúkọ ìdílé nìyẹn, ó ṣe tán ìdílé Adébáyọ̀ pọ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Á gbé ìwé wọn sí ADE. Fálétí ni ìdílé, FAL ni wọ́n ń lọ. Ọmọ Èkìtì tiwa náà, ọ̀jọ̀gbọ́n onítàn ará Ìkọ̀lé, J. F. Adé Àjàyí. Mo ti bá ìwé wọn lábẹ́ ADE nínú ilé-ìkàwé mẹ́ta, nínú Èkìtì níbí! Àjàyí ni ìdílé wọn, AJA ni. Adé kàn jókòó ṣáájú rẹ̀ ni.

Èyí tó tún wá burú ni ìwé tí àwọn olùkọ́ wa ń tẹ̀ jáde fúnra wọn. Ẹ ó rí "Ọjọ́ Adébáyọ̀" gàdàgbà lẹ́yìn ìwé. Èwo ni bàbá? Lórí fọ́ọ̀mù ní Nàìjíríà, orúkọ ìdílé là ń kọ́kọ́ kọ, àṣà yẹn ti wọ inú ìwé títẹ̀. Ẹlòmíràn sì ń kọ ti àbísọ ṣáájú. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀?

Ẹ má wo èèpo ìwé nìkan. Ẹ ṣí i. Bí kọ́mà bá wà láàárín orúkọ méjèèjì, èyí tó ṣáájú kọ́mà ni ìdílé. Bí wọ́n bá gé orúkọ kan kúrú sí lẹ́tà, bíi "Ọjọ́ A. B.", èyí tí wọ́n kọ délẹ̀ ni ìdílé, nítorí ẹnikẹ́ni kì í gé orúkọ bàbá rẹ̀ kù sí lẹ́tà kan. Ẹ wo ẹ̀yìn ojú ewé àkọlé, níbi tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé. Ẹ wo ìparí ọ̀rọ̀ ìṣáájú, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti buwọ́ lù ú. Bí ó bá dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, tó pè é ní Ìyáàfin Báyìí-báyìí, orúkọ ìdílé ti jáde nìyẹn. *(Ẹ̀rín.)* Ẹ ń rẹ́rìn-ín, ìwé márùn-ún ni mo ti fi ọgbọ́n yẹn yanjú.

Olóyè, Àlàájì, Pásítọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n, gbogbo ìyẹn dúró sílé. Oyè kì í gun pẹpẹ. Obìnrin tó bá so orúkọ bàbá rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ọkọ, tí àmì ìsopọ̀ wà láàárín, bíi Bámidélé-Ọjọ́, èyí tó ṣáájú ni a ń lò, B ni. Bí òǹkọ̀wé bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ ló ni ipò.

Adé pọ̀ ju orí lọ

Ẹ ò ní rí wàhálà yìí nínú ìwé àwọn òyìnbó. Lẹ́tà mẹ́ta tó tó wọn láti ya orúkọ sọ́tọ̀ kò tó wa. Ẹ gbé Adébáyọ̀, Adékúnlé, Adélékè, Adéwálé wá. Ẹ kọ lẹ́tà mẹ́ta: ADE, ADE, ADE, ADE. Kí lẹ ti yà sọ́tọ̀? Ní ìsọ̀rí 896.333, níbi tí lítíréṣọ̀ Yorùbá wà, mo ti ka ìwé mẹ́tàdínlógún tí gbogbo wọn jẹ́ ADE nínú ilé-ìkàwé kan. Ẹni tó ń wá Adéwálé á tú gbogbo wọn.

Lẹ́tà mélòó wá ni ká kọ? Ọ̀pọ̀ ń sọ pé mẹ́rin. Mẹ́rin tó fún Adé: ADEB, ADEK, ADEL, ADEW. Ó wá kan Ògún. Ògúndélé, Ògúnlẹ́yẹ, Ògúnṣọlá: OGUN, OGUN, OGUN. Akin náà bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ márùn-ún. Ó wá kan Olúwa. Olúwadáre àti Olúwaṣeun, lẹ́tà márùn-ún fún yín ní OLUWA méjì. Ẹ fẹ́ mẹ́fà.

Ohun tí mo ṣe nígbà tèmi kò le. Mo fi lẹ́tà mẹ́ta sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin fún gbogbo ìwé. Àmọ́ orúkọ tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Adé, Ọlá, Olú, Olúwa, Ògún, Akin, Ayọ̀, Fá, Ọ̀ṣun, mo ń kọ ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn tán, mo wá ń kọ lẹ́tà kan lé e. ADEB. OGUNL. OLUWAD. Lébẹ́ẹ̀lì gùn díẹ̀ sí i, kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Àwọn yunifásítì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo ètò Ilé-Ìkàwé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ti Amẹ́ríkà, ń gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ń sọ lẹ́tà di nọ́ńbà nípa tábìlì kékeré kan tí ọgbọ́n rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Charles Cutter wá. A dúró bí ó ṣe wà, d lẹ́yìn fáwẹ̀lì jẹ́ 3, e tó tẹ̀ lé e jẹ́ 4, nítorí náà gbogbo Adé jẹ́ A34. Adébáyọ̀ gba 3 nítorí b, ó di A343. Adékúnlé gba 5 nítorí k, ó di A345. Adéwálé gba 9, ó di A349. Ó mọ́ tónítóní. Àmọ́ tábìlì náà fún k àti l ní 5 kan náà, Adélékè á fẹ́ jẹ́ A345 bíi Adékúnlé. Olùtọ́jú ilé-ìkàwé ló ní láti sún un sí A346 fúnra rẹ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti sún un. Òfin kọ́bọ̀ ló tún ń darí wọn: A345 ṣáájú A35. Fún ilé-ẹ̀kọ́ tó ní ìwé ẹgbẹ̀rún kan, èmi ò rò pé ẹ nílò rẹ̀. Lẹ́tà tó yé ọmọ ìwé kìíní sàn.

Àmì ìsàlẹ̀ ńkọ́?

Ìbéèrè yìí, olùkọ́ Yorùbá kan ló kọ́kọ́ gbé e kò mí lójú, inú sì bí i gidigidi. Ó ní nínú ábídí Yorùbá, lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Ẹ kì í ṣe E, Ọ kì í ṣe O, Ṣ kì í ṣe S, GB sì jẹ́ lẹ́tà kan lọ́tọ̀ tó tẹ̀ lé G. Ó ní kí ló dé tí Ọlátúnjí fi ń jókòó láàárín àwọn O? Ó ní Gíwá gbọ́dọ̀ ṣáájú Gbádébọ̀, kì í ṣe kí Gbádébọ̀ ṣáájú rẹ̀.

Òótọ́ ló sọ. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè, bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kó rí. Lórí pẹpẹ ìwé, mi ò gbà fún un, ìdí mi sì ni pé ọ̀pọ̀ ìwé kò ní àmì lórí orúkọ òǹkọ̀wé. "Osun" tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé, ṣé Ọ̀ṣun ni àbí nǹkan mìíràn? Ẹni tó ń to ìwé kò lè máa pe òǹkọ̀wé lórí fóònù kó tó mọ ibi tí ìwé ń lọ. Nítorí náà, a ń ka Ẹ bí E, Ọ bí O, Ṣ bí S, G àti B bí lẹ́tà méjì, a kì í sì ka àmì ohùn rárá. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ lé ti olùkọ́ yẹn, ẹ tẹ̀ lé e o, kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí olùkọ́ kan ṣe é báyìí ní sáà kìíní, kí ẹni tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe é lọ́hùn-ún ní sáà kejì. Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kan ṣoṣo, ẹ kọ gbogbo ìpinnu yín sínú rẹ̀, ẹ so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì.

Ibi tí òfin náà kò dé

Ìwé ìtàn ìgbésí ayé ènìyàn, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé ń fi orúkọ ẹni tí wọ́n kọ ìtàn rẹ̀ tò ó, wọn kì í lo ti ẹni tó kọ ọ́, kí ìwé mẹ́ta tí ènìyàn mẹ́ta kọ nípa Awólọ́wọ̀ lè wà pọ̀. Ìtàn àròsọ náà, àwọn kan ń yọ ọ́ kúrò nínú nọ́ńbà pátápátá, wọ́n ń kó o sí pẹpẹ tirẹ̀, orúkọ ìdílé nìkan ni wọ́n fi ń tò ó. Mo fara mọ́ ìyẹn, nítorí bí ọmọ ṣe ń wá ìtàn kà nìyẹn.

Òmíràn wà tó ń dùn mí. Ìwé kan ṣoṣo kò lè dúró síbi méjì. Ìwé tó kọ́ni bí a ti ń gbin ẹ̀gẹ́ àti bí a ti ń fi ṣe gàrí, ṣé 633.682 ni àbí oúnjẹ sísè, 641? Ẹ ó mú ọ̀kan. Ẹ lọ síbi tí ojú ewé ti pọ̀ jù. Ẹ wá wo olùkọ́ Yorùbá wa. Èdè rẹ̀ wà ní 496.333. Lítíréṣọ̀ rẹ̀ wà ní 896.333. Ìwé Ifá rẹ̀ wà ní 299.6. Ìtàn ilẹ̀ rẹ̀ wà ní 966.9 pẹ̀lú Nàìjíríà yòókù. Ibi mẹ́rin! Ẹni tó ṣe ètò yìí kò ro pé ẹnì kan ṣoṣo lè wá gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ kan. Pẹpẹ kò lè yanjú ìyẹn. Káàdì kátálọ́ọ̀gì ló ń yanjú rẹ̀, nítorí ìwé kan lè ní káàdì mẹ́ta.

Alága ti ń wo aago. *(Ẹ̀rín.)* Mo ti rí yín, sà. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù.

Ìwé tó ṣìnà lórí pẹpẹ ti sọnù, bó tilẹ̀ wà nínú ilé. Rẹ́jísítà á ní kò jáde, ọmọ á ní òun kò rí i. Bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn pọ̀ lórí ìwé kan, ẹ má fẹ̀sùn olè kan ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí nọ́ńbà rẹ̀ á bọ́ sí bí a bá ka pọ́ìntì rẹ̀ bí ewúrẹ́, lẹ́yìn náà ẹ wo abẹ́ orúkọ àbísọ òǹkọ̀wé. Nínú ìwé mẹ́wàá tí mo wá báyìí, n kì í pàdánù ju ọ̀kan tàbí méjì lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ máa dá ìwé padà sórí pẹpẹ fúnra wọn. Ẹ kọ ọ́ mọ́ tábìlì pé "fi í sílẹ̀ níbí". Lówùúrọ̀, kí ẹ mú pákó kan, ẹ ka lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ láti òsì dé ọ̀tún, ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Lọ́la, ẹ mú èyí tó tẹ̀ lé e.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde wàyí. Páálí mẹ́ta ló wà lórí tábìlì lẹ́yìn yẹn, ogún ìwé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ti lẹ lébẹ́ẹ̀lì mọ́ gbogbo wọn. Ẹ pín ara yín sí mẹ́ta. Mo fi Adébáyọ̀ Fálétí sínú páálí kejì, mo sì lẹ lébẹ́ẹ̀lì tí kò tọ̀nà mọ́ ìwé méjì nínú páálí kẹta. Ẹ̀yin àgùnbánirọ̀ ni kí ẹ wá wọn jáde.